Lẹ́tà ojú ewé kan tí mo fi béèrè owó iṣẹ́ tí wọ́n fi kún tèmi

Ọjọ́ tí kaṣíà wa lọ bímọ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lọ́nà Ìlọrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Oúnjẹ adìyẹ la ń tà, àpò oní-kílò 25 ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Iṣẹ́ sìtọ́ọ̀ ni wọ́n gbà mí fún: kí n gba ọjà wọlé, kí n kà á, kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n sì kó o jáde fún oníbàárà. Owó oṣù mi jẹ́ 85,000 náírà. Mọ̀mí Mánéjà ní kí n bá àwọn di ojú owó mú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn tí yóò ní òun ò ṣe? A jẹ ìkómọ, a yọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ránṣẹ́ pé òun ò ní padà mọ́, wọn ò sì gba ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni owó kíkà nírọ̀lẹ́ ṣe di tèmi. Owó kíkó lọ sí bánkì ní Tákìé, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, tún kún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fóònù ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́ pé kó máa bá mi lọ sílé, nítorí àwọn tó ń sin adìyẹ kì í ráyè pè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oṣù márùn-ún kọjá báyìí, n ò sọ nǹkan kan.

Alẹ́ ọjọ́ tí owó dín 4,200 náírà ni ojú mi là. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo da dúrọ́ọ̀ sórí tábìlì, mo tú ìwé rìsíìtì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ̀mí dúró tì mí, wọ́n ti mú kọ́kọ́rọ́ dání, wọ́n ní, "Ṣé ká yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ ni?" Wọn ò fìjà sọ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún kaṣíà nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì la rí i pé tiránsífà oníbàárà kan ni kò wọlé, bẹ́ẹ̀ ó ti gbé ọjà lọ. Ó padà wá san án. Ṣùgbọ́n n ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn, nítorí mo rí i pé ẹrù kaṣíà ti wà lórí mi, owó kaṣíà ò sí lápò mi, kò sì sí ìwé kan níbì kankan tó sọ pé èmi ni kaṣíà.

Mo jókòó kọ lẹ́tà. Ojú ewé mẹ́ta ni àkọ́kọ́. Mo kọ iye tí gàrí di, mo kọ owó iléèwé ọmọ, mo kọ pé akẹgbẹ́ mi kan ń lọ sílé ní aago márùn-ún gééré. Mo gbé e fún àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ṣe akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ta ló máa san owó yìí?"

Mo ní, "Mánéjà wa ni, sà."

"Ṣé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù?"

Òun kọ́. Ìbàdàn ni ẹni tó ni ín wà, ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mánéjà ò lè fi náírà kan kún owó ẹnikẹ́ni láìpè é. Àbúrò bàbá mi ní, "Ìwé yìí máa rìn dé Ìbàdàn nígbà náà. Ẹni tó wà ńbẹ̀ ò mọ gàrí tí ò ń rà, gbogbo ìlú ló sì ń ra gàrí. Iṣẹ́ tí kò fojú rí ni kí o fi hàn án." Wọ́n ní kí n yọ ọ̀rọ̀ akẹgbẹ́ mi kúrò pátápátá, torí ìyẹn ni wọn yóò rántí, wọn yóò sì gbàgbé tèmi.

Mo wá ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ àkókò sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìlà ọjọ́ Ajé kan rí báyìí: "Mo kó owó lọ bánkì 10:20, mo dé 12:05. Mọ́tò ọjà ti ń dúró dè mí. Mo parí sìtọ́ọ̀ 6:45. Mo ka owó tán 7:35." Ẹ ṣàkíyèsí 6:45 yẹn. Ẹnì kan lè sọ pé àárín wákàtí iṣẹ́ ni mo fi lọ bánkì, kí ló kàn mí? Òótọ́ ni. Àmọ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 tí mo lò ní Tákìé, iṣẹ́ sìtọ́ọ̀ ló jẹ ẹ́, aago márùn-ún sì lu kí n tó lè padà ṣe é. Nítorí náà, kìkì ohun tó bá kọjá aago márùn-ún ni mo kà. Bí mo bá kà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó gbọ́n yóò rí i, kò sì ní gba ìyókù gbọ́.

Nígbà tí mo pín in dọ́gba, owó kíkà gba ìṣẹ́jú 50 lójúmọ́, ìyẹn wákàtí 5 fún ọjọ́ mẹ́fà. Bánkì jẹ́ wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lọ́sẹ̀. Fóònù alẹ́ jẹ́ wákàtí méjì àbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 11, lórí 48 tí wọ́n gbà mí fún, aago mẹ́jọ sí márùn-ún pẹ̀lú wákàtí kan ìsinmi.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní ìpín 13, sọ pé wákàtí tó bá kọjá èyí tí a jọ fẹnu kò sí jẹ́ àfikún, ṣùgbọ́n kò dá iye tí wọn yóò san lórí rẹ̀. Owó mi fúnra mi ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Wákàtí 48 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 192 lóṣù. Bí a bá pín 85,000 sí 192, wákàtí kan jẹ́ bíi 443 náírà. Wákàtí 44 àfikún wá jẹ́ bíi 19,500. Ìyẹn ni àkókò nìkan, a ò tíì sọ̀rọ̀ ẹrù owó tó lè dín.

Ìpín 7 òfin kan náà ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, bí àyípadà bá sì dé, kí ó kọ ọ́ láàárín oṣù kan. Ìpín 5 kò sì fàyè gba kí ẹni tó gbani síṣẹ́ kàn máa yọ owó nínú owó oṣù torí pé nǹkan sọnù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó ṣàìbìkítà, kí ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀. N ò fi òfin kankan sínú lẹ́tà. Ẹni tó bá fi òfin kí àgbà láàárọ̀, ìjà ló wá. Mo kàn mọ̀ ọ́n, kí n lè mọ ohun tí mo ń béèrè.

Lẹ́tà náà nìyí, mo yọ orúkọ:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìwé yìí kì í ṣe ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, mi ò sì fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Mo fẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ owó oṣù mi àti ìwọ̀n iṣẹ́ mi sọ.

Iṣẹ́ sìtọ́ọ̀ lẹ gbà mí fún. Láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, iṣẹ́ mẹ́ta ti kún un: owó kíkà nírọ̀lẹ́, owó kíkó lọ bánkì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti fóònù oníbàárà lálẹ́. Mo kọ àkókò wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó jẹ́ wákàtí 11 lọ́sẹ̀ lórí 48. Ìṣirò rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Mo bẹ̀ yín, mà, kí ẹ yan ọ̀kan. Bí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá máa wà lọ́wọ́ mi, kí ẹ fi 25,000 náírà kún owó oṣù mi. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù, kí bánkì àti fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí owó kíkà ṣẹ́kù sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú àfikún 12,000.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, mo bẹ̀bẹ̀ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì hàn níbẹ̀ bí a ó ti ṣe bí owó bá dín. Inú mi yóò dùn bí a bá lè jókòó sọ ọ́ kí oṣù yìí tó parí."

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn, mo ronú sí i gan-an. Níbi iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá ní "wọ́n ti fún un níwèé", gbogbo èèyàn mọ̀ pé wọ́n ti lé e nìyẹn, tàbí pé ó ti dá ọ̀ràn. Àgbà tó bá ṣàdédé rí àpòòwé lórí tábìlì rẹ̀ lè rò pé ọmọ yìí ń fìwé bá òun jà. Nítorí náà n kò fi í sílẹ̀ lásán. N ò lọ lọ́jọ́ tí mọ́tò ọjà ń bọ̀, n ò sì lọ níparí oṣù. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fẹnu sọ ọ́ fún wọn ná, kí n tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Síbẹ̀ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o fẹ́ lọ ni?" Mo ní, "Rárá o, mà. Ẹ ka ìlà àkọ́kọ́."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n ní ọ̀gá tó wà ní Ìbàdàn ní òun á fi 10,000 kún un, kí gbogbo iṣẹ́ wà bẹ́ẹ̀. Ibí ni ọ̀nà kejì inú lẹ́tà ti gbà mí. N kò ní láti sọ pé ó kéré. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Owó yìí sún mọ́ ti owó kíkà nìkan. Ta ni kí n kó bánkì àti fóònù fún?" Mọ̀mí wo ewé ìṣirò náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n pe Ìbàdàn lójú mi, wọ́n ka wákàtí 11 yẹn fún ọ̀gá láti orí ìwé, lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn yóò máa lọ bánkì, pé fóònù yóò máa sùn sínú dúrọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá gbà, ó sì san 12,000. Owó oṣù márùn-ún tó ti kọjá kò sí nínú rẹ̀, mi ò sì béèrè. Ká ní mo ti kọ lẹ́tà yìí lóṣù kejì, n kì bá tí pàdánù rẹ̀. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ìwé tí wọ́n fún mi jẹ́ ìlà mẹ́fà péré, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ pé 97,000 náírà ni owó oṣù mi láti oṣù tó ń bọ̀. Ó sì sọ pé ẹni méjì ni yóò máa ka owó kí a tó ti ilẹ̀kùn. Ní báyìí, bó bá di aago márùn-ún, mo kà á, Mọ̀mí kà á tẹ̀lé mi, a jọ fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á wá kó owó sínú àpò wọn. Bó bá dín, àwa méjèèjì la jọ wà níbẹ̀.