Bí mo ṣe yẹ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ìtọ̀ ṣúgà tí màámi ń kà wò

Màámi wà n'Ìkẹ́rẹ́, ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ń lo mẹtifọ́mìn. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí l'Adó pé àwọn ti fi oògùn yẹn sílẹ̀ o, pé àwọn wọn ṣúgà láàárọ̀ káwọn tó jẹun, 170 ló jẹ́, wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan sì ní tí ò bá ti kọjá 180 kò séwu. Àyà mi já. Mo ní kí wọ́n fi lìńkì ẹ̀ ránṣẹ́.

180 yẹn ni mo kọ́kọ́ dì mú. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ síta ni pé tí èèyàn ò bá tíì jẹun látàná, 126 mg/dL sókè, ìtọ̀ ṣúgà ni. Níbo wá ni wọ́n ti rí 180? Mo wá a títí, àṣé nọ́ḿbà gidi ni, àmọ́ ti ẹ̀yìn oúnjẹ ni: àwọn dókítà máa ń fẹ́ kí ṣúgà ẹni tó ti ní àìsàn yẹn má tó 180 ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tó bá jẹun. Wọ́n gbé nọ́ḿbà ẹni tó yó fún ẹni tí ò tíì jẹun. Irú èyí ló ń dẹ́rù bà mí jù, torí ẹni tó bá wá 180 lórí ìntánẹ́ẹ̀tì máa rí i lóòótọ́.

Mo wá ń bi ara mi pé ta ni àṣìṣe yìí ń ṣe láǹfààní. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, tíì kan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí ẹnì kan tó ní ṣúgà òun ti 260 bọ́ sí 175, òun ti gbádùn. Tí wọ́n bá fi 126 wọ̀n ọ́n, onítọ̀hún ò tíì gbádùn rárá. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ṣí ti jẹ̀díjẹ̀dí, tíì kan náà, nọ́ḿbà Wọ́sáàpù kan náà. Lìńkì tí wọ́n fún màámi tún ní `?ref=` nídìí, bí wọ́n ṣe máa ń mọ ẹni tó mú oníbàárà wá nìyẹn, kí wọ́n lè fún un ní kọmíṣọ̀nù.

Màámi ní ṣebí nọ́ḿbà NAFDAC wà lára ẹ̀. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ L ló parí ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n kàn to orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ni, wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń wo nǹkan kan sàn. NAFDAC máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí, fọ́tò orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni wọ́n gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò. Mo ní kí wọ́n mú páálí ọwọ́ wọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n kà á sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan: NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀ wò. Wọ́n dákẹ́.

Ọjọ́ kejì wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà wọn, ó dá wọn padà sórí mẹtifọ́mìn. Lálẹ́ wọ́n tún pè mí: "Ibi tí wọ́n ti ní kí n máa jẹ iyán bó ṣe wù mí ńkọ́?" Mo ní màámi, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀.