Fèrèsé tí kò fẹ́ sún kì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí abala tó kúrú jù

Iṣẹ́ náà nìyí: nínú àtòjọ `a`, ẹ wá àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ léra, tó kéré jù níye, tí àpapọ̀ wọn tó iye `t` tàbí tó jù ú lọ. Fèrèsé ni abala tí à ń wò lọ́wọ́, láti ipò `osi` dé ipò `otun`: `otun` ń mú nọ́ńbà wọlé, `osi` ń yọ wọ́n jáde. `s` ni àpapọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, `kere` sì ni gígùn tó kúrú jù tí a ti rí.

“Àtòjọ mi ní nọ́ńbà márùn-ún, kóòdù mi sọ pé abala tó kúrú jù gùn tó 6!”

Nọ́ńbà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ `kere` lẹ dá padà yẹn. Kò sí abala tó tó iye tí ẹ ń wá, ẹ dá 0 padà.

“Ìdáhùn mi máa ń fi ẹyọ kan dín.”

`otun - osi + 1`. Láti ipò 3 dé ipò 5, mẹ́ta ni, kì í ṣe méjì.

“Ó tọ̀nà nígbà tí mo dán an wò fúnra mi, àmọ́ lórí dátà gidi, gígùn tó ń mú wá pọ̀ jù.”

Èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi, àwa méjèèjì sì jókòó tì í. A yẹ `>=` wò, a yẹ gígùn wò, kò sí àbùkù. Àtòjọ tó fi ń dán an wò ni `[1,1,1,1,1]`, iye tó ń wá sì jẹ́ 3. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 3 lóòótọ́. Mo ní kó fi 7 rọ́pò èyí tó gbẹ̀yìn, kó sì máa wá 7. Ó yẹ kó mú 1 wá, torí 7 nìkan ti tó. 5 ló mú wá.

A wá ní kó máa tẹ `s`, `osi` àti `otun` jáde ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí 7 ṣe wọlé, `s` di 11. Ó yọ 1 kan, `s` di 10, ó sì dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 10 ṣì ju 7 lọ! `if` ló kọ síbi tó yẹ kí `while` wà.

```python
while s >= t:
    kere = min(kere, otun - osi + 1)
    s -= a[osi]
    osi += 1
```

Báyìí, `s` á lọ láti 11 sí 10, 9, 8, 7, gígùn náà á sì máa dín láti 5 títí dé 1. Bí gbogbo nọ́ńbà bá dọ́gba, ẹyọ kan tó wọlé kò lè lé ju ẹyọ kan jáde lọ, ìdí nìyẹn tí `if` fi rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ fi nọ́ńbà ńlá kan sí ìparí àtòjọ ìdánwò yín. Kí ẹ sì wọn gígùn kí ẹ tó yọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

“Lúùpù nínú lúùpù, ṣé kò ní falẹ̀?”

Rárá. `osi` kì í padà sẹ́yìn. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò sì lè jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

“Nọ́ńbà òdì díẹ̀ wà nínú tèmi.”

Ẹ fi fèrèsé yìí sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ tún un ṣe. Nínú `[4,-3,5,2]`, tí ẹ bá ń wá 7, 4 ló máa mú wá, bẹ́ẹ̀ 5 àti 2 nìkan ti tó. Kí 2 tó wọlé, àpapọ̀ jẹ́ 6, kò tó, nítorí náà `osi` ò kúrò níbi 4. Nígbà tí 2 dé, ó di 8; ó yọ 4, ó ku 4, lúùpù dúró. Kò mọ̀ pé bí òun bá yọ -3 náà, àpapọ̀ á tún gòkè di 7. Àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ipò kọ̀ọ̀kan lẹ máa tò, pẹ̀lú ìlà tí a ti ń yọ nǹkan lórí àti nídìí. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ rí ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó bá yín wò ó.