Ẹ béèrè owó kí ẹ tó wọkọ̀: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpenisíṣẹ́

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan hàn mí lórí Wáàsáàpù: "Iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá kan ní Èkó, owó rẹ̀ jọjú. Ẹ fi ìwé ìrírí iṣẹ́ yín ránṣẹ́ kíákíá." Kí n tó kà á tán, ó ti fi ìwé ránṣẹ́, ó sì ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ mi ni láti bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, nítorí náà mo mọ irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èmi náà ti kọ ọ́ rí, nígbà tí ẹni tí ó bẹ̀ mí níṣẹ́ kò tíì ṣàlàyé fún mi.

Àṣìṣe kìíní ni pé ẹ ń tijú láti béèrè owó. Èyí ni ó ń bí mi nínú jù, nítorí pé ó ti gún èmi gan-an lára. Wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ́dún ni. Mo fi 12 pín in, mo rí 250,000, mo sì ti ná an tán lọ́kàn. N kò béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àṣé 300,000 níbẹ̀ jẹ́ owó ìsinmi àti owó ọdún Kérésì, tí wọn kì í san lóṣooṣù, nítorí náà 225,000 péré ni ó kù fún oṣù kan. Nínú èyí, owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ jẹ́ 180,000. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn 14,400, lọ sí owó ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n tó yọ owó orí. Nítorí náà, ẹ béèrè pé: láti èló dé èló, lóṣù ni àbí lọ́dún, ṣé kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni, kí ni wọ́n sì kà mọ́ ọn? Bí wọ́n bá dá ìbéèrè náà padà pé, "Èló ni ẹ ń fẹ́?", ẹ fèsì pé ẹ fẹ́ mọ iye tí iléeṣẹ́ ti yà sọ́tọ̀ ná.

Ìkejì, "Èkó" kì í ṣe àdírẹ́sì: láti Ìkòròdú dé Àjá, Èkó náà ni.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tí ẹ ó máa jábọ̀ fún. Ẹ béèrè ipò rẹ̀, kí ẹ sì béèrè orúkọ iléeṣẹ́ tí yóò wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́, nítorí pé ẹ lè jókòó sí báńkì kan lójoojúmọ́ kí ó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ alágbàṣe ni yín, tí ẹ kò sì ní ìpín nínú ìgbéga báńkì náà.

Ti ìpele ìdánwò ńkọ́? Ẹ béèrè iye rẹ̀, ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, àti bóyá wọn yóò ní kí ẹ ṣe iṣẹ́ wá láti ilé. Mo ti rí ẹni tí ó fi ọjọ́ mẹ́rin kọ ètò ìtajà odidi ọdún kan fún wọn, tí wọn kò tún pè é mọ́.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà, a sì jọ kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣeun, sà. Kí n tó wá, ẹ jọ̀wọ́, láti èló dé èló ni owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó orí? Àdúgbò wo ni ọ́fíìsì wà? Ta ni n ó máa jábọ̀ fún, ìpele mélòó sì ni ìdánwò?" Èsì dé kí ó tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà tán: 150,000, Apápá, òṣìṣẹ́ alágbàṣe lábẹ́ ọ̀gá ilé ìkẹ́rù. Ìbéèrè ìpele ni wọ́n fò. A ti tún un béèrè.