Ìlà Àkọ́kọ́ Lábẹ́ Orúkọ Ipò Nínú Ìwé Ìtàn Iṣẹ́ Ọ̀gá Àgbà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ipò olùdarí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà àkọ́kọ́ lábẹ́ orúkọ ipò yín wò. "Mò ń darí ìpàdé, mò ń bójú tó àwọn máníjà" kò sọ nǹkan kan, torí gbogbo ọ̀gá ló ń ṣe é. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi bí ẹrù yín ṣe tóbi tó hàn: "Ìṣúná ọdọọdún mílíọ̀nù 12 dọ́là, òṣìṣẹ́ 140, máníjà 6 nínú wọn ló ń jábọ̀ fún mi tààrà."

Ẹ má ṣe da owó tẹ́ ẹ láṣẹ láti ná pọ̀ mọ́ owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, tí wọ́n bá ti bi í níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ta ló ń fọwọ́ sí ìnáwó, ọ̀rọ̀ á tú.

Lẹ́yìn ìlà yìí, àbájáde mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Dípò "mo bójú tó ọjà rírà", ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo dín àwọn tó ń kó ọjà fún wa kù láti 90 sí 35, láàárín oṣù 18, owó ìrajà fi ìdá 11 nínú 100 dínkù, owó tó ṣẹ́ kù la sì fi ṣí ẹ̀ka tuntun." Ìpinnu yín, iye, àkókò, àti ohun tí ilé-iṣẹ́ jèrè ló wà níbẹ̀. Bí iye owó bá jẹ́ àṣírí ilé-iṣẹ́, ìdá nínú 100 nìkan ni kẹ́ ẹ kọ.