Bí mo ṣe kọ àtẹ̀jíṣẹ́ àárọ̀ sí ọ̀gá mi nígbà tí kò sí iná, tí dátà sì tán

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni iná lọ, kété tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Adìgbẹ, Abẹ́òkúta, tí òjò bá ti bá ìjì wá báyẹn, kò sẹ́ni tó ń retí iná kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo jí, kọ̀ǹpútà ti kú, bátìrì fóònù ò ju díẹ̀ lọ, dátà mi sì ti parí lóru nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ pé. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń kó ọjà lọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ni mo ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń to ẹrù tí àwọn oníbàárà béèrè lóru sínú ìwé kan, tí mo sì ń fi í ránṣẹ́ kí aago 9 tó lù. Ìwé yẹn ni àwọn awakọ̀ fi ń di ẹrù. Tí kò bá dé, ọkọ̀ á dúró, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó á sì ká wọn mọ́nú ọgbà. Aago 10 la máa ń ṣèpàdé lórí ẹ̀rọ.

Wásáàpù ni a fi ń bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ lọ́jọ́ bíi tèyí, kò wúlò. Tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ láìsí dátà, àmì aago kékeré kan ló máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kúrò lórí fóònù yín rárá. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kò nílò dátà. Ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípa ìpè ló ń gbà, nítorí náà ó ṣì lè lọ nígbà tí fóònù bá ń fi E hàn lókè, tí ojú ìwé kankan ò lè ṣí.

Mo kọ́kọ́ wo iye owó tó wà lórí fóònù. Kóòdù rẹ̀ kan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa báyìí:

```
*310#
```

Kóòdù yìí náà kò nílò dátà. Owó tó kù tó fún àtẹ̀jíṣẹ́ mélòó kan, kò tó ra dátà tó máa gbé iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ká ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀ ni, n bá yá owó pẹ̀lú `*303#`, kí wọ́n yọ ọ́ nígbà tí mo bá tún ra káàdì.

Kí n tó kọ lẹ́tà kan sí ọ̀gá, Kúnlé ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ni, òun náà lè ṣí ìwé ẹrù yẹn láti Èkó, ọ̀gá wa sì ti sọ tipẹ́ pé ẹnì kan nínú wa lè gba iṣẹ́ ẹnì kejì ṣe tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ká ní kò sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, mi ò ní fúnra mi gbé iṣẹ́ fún un. Ọ̀gá ni mo máa bi. Kúnlé dáhùn pé òun á ṣe é. Èsì yẹn ló sọ irú àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo máa kọ di mímọ̀ fún mi, torí ọ̀gá tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kò wá ìtàn iná Abẹ́òkúta. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹrù máa jáde àbí kò ní jáde, àti bóyá ohun kan wà tí òun gbọ́dọ̀ ṣe.

Ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: ẹ káàárọ̀ mà, ṣé dáadáa lẹ jí, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́ mà, òjò tó rọ̀ lálẹ́ àná, tíráńsífọ́mà àdúgbò wa, àwọn oníná ò gbé ìpè, mo gbìyànjú gan-an… Gbogbo rẹ̀ lòótọ́ ni. Àmọ́ tí ẹ bá kà á dé ìdajì, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan nípa ẹrù aago 9. Mo jẹ́ kí ẹ káàárọ̀ mà wà níbẹ̀ torí pé ẹni tó jù mí lọ ni. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tó máa fi ọ̀rọ̀ gán-ńgán bẹ̀rẹ̀ sí àgbà láàárọ̀. Ìyókù ìkíni, mo fi dúró de ìgbà tí n bá pè wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ náà, mo fi dúró. Ìyá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìyẹn kò dáa, pé ó yẹ kí n ní kí wọ́n má bínú. Mo sọ fún wọn pé ẹnu ni n ó fi bẹ ọ̀gá, kò ní gba lẹ́tà.

Lẹ́tà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Péèjì kan àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń gba lẹ́tà 160, tí ẹ ó ka àlàfo àti àmì ìdánudúró mọ́ ọn. Àmọ́ lẹ́tà tí wọ́n ṣètò fún un látilẹ̀ nìkan ló wà fún. Lẹ́tà kékeré à, è, ì, ò àti ù wà nínú wọn, é náà wà níbẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ, á, í, ó àti ú kò sí. Tí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá wọlé, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á bọ́ sí ètò mìíràn, péèjì kan á wá di lẹ́tà 70, tó bá sì ju péèjì kan lọ, lẹ́tà 67 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa gbà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ péèjì kan á di mẹ́ta, ẹ ó san owó mẹ́ta. Bí owó fóònù bá sì tán láàárín, ẹ ò mọ èyí tó dé. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó wà lórí fóònù mi fẹ́ràn kó máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà mo yí i padà sí ti Gẹ̀ẹ́sì kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ràn àmì, mo sì máa ń kọ ọ́ níbi tó bá ti yẹ, àmọ́ lónìí mo ní láti kọ láìfi àmì sí i. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn gbólóhùn kan lè yí padà. Ẹ wo `Emi o wa nipade`. Ọ̀gá lè kà á sí pé n ó wà níbẹ̀, ó sì lè kà á sí pé mi ò wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ méjèèjì ò ju àmì orí o lọ. `N ko le wa` kò ní wàhálà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá kà á mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Gbogbo ibi tí mo ti ń sọ pé nǹkan ò ní ṣẹlẹ̀, ko ni mo fi kọ ọ́.

Ohun tí mo kọ nìyí:

```
E kaaro ma, Sade ni. Ko si ina, data mi tan. Kunle ti gba iwe eru aago 9 se. N ko le wa nipade aago 10. Mo fe lo wa ina ni Kuto. Maa pe yin ki aago 11 to lu.
```

Lẹ́tà 157 ni. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀ torí pé orí Wásáàpù la ti mọ ara wa; tí wọn ò bá fi nọ́ńbà mi pamọ́ sórí fóònù wọn, nọ́ńbà lásán ni wọ́n máa rí. Ìdí tí mi ò fi ṣiṣẹ́ kò gba ju gbólóhùn kan lọ. Iṣẹ́ tó ní àkókò ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní Kúnlé ò dáhùn ni, ibẹ̀ yẹn ni n bá ti kọ `Iwe eru aago 9 ko tii ni eni ti yoo se e`, n bá sì gbé e síwájú ọ̀rọ̀ iná pàápàá, torí ọ̀gá nìkan ló lè wá ẹni tó máa ṣe é.

Ẹ ó rí i pé mi ò sọ ìgbà tí iná máa dé. Mi ò mọ̀ ọ́n, bí mo bá sì sọ pé ọ̀sán, ọ̀gá á fi ìyẹn to iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ìgbà tí n ó pè. Láti Adìgbẹ dé Kútọ̀, níbi tí àbúrò ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù tó ń lo sólà, kò jìnnà, àmọ́ mo ka ìdúró de ọkọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ̀ mọ́ ọn, àti ìgbà tí fóònù á fi gba iná díẹ̀. Aago 11 fi àyè sílẹ̀.

Kí n tó tẹ ibi ìfiránṣẹ́, mo wo inú àpótí tí mo kọ̀wé sí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdírọ́ìdì, tó bá kọ RCS síbẹ̀, ọ̀nà dátà ló fẹ́ gbà, yóò sì dúró bíi ti Wásáàpù. Mo ti pa á tẹ́lẹ̀ nínú ètò áàpù àtẹ̀jíṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni mo ti tan ohun tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní `Get SMS delivery reports`, tó ń jẹ́ kí n mọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí fóònù ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí. Kì í sọ pé wọ́n ti kà á o. Àmọ́ tí kò bá wá rárá, ó ṣeé ṣe kí fóònù wọn ti kú, kí èmi sì pe ọ́fíìsì.

Kò pé aago 7 ààbọ̀ tí mo fi í ránṣẹ́. Bí n bá fi í ránṣẹ́ láago 5, oorun ni wọ́n wà, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn á sì ti bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó jí. Bó bá sì di aago 8 ààbọ̀, kò sí àyè mọ́ láti wá ẹlòmíràn bí Kúnlé bá yí ohùn padà. Ìròyìn pé ó ti dé wọlé kíá. Èsì ọ̀gá dé nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀: `O daa. Se Kunle mo nipa eru Sagamu?`

Ẹrù Ṣágámù ni oníbàárà kan ní kí a dá dúró di ọjọ́rú, èmi nìkan ni wọ́n sì sọ ọ́ fún. Mo kọ `Rara ma. Mo n so fun un bayii`, mo sì pe Kúnlé pẹ̀lú owó tó kù. Ó ní òun ti fẹ́ fi í sínú ọkọ̀ kejì, ó sì yọ ọ́ kúrò kí ìwé tó jáde.

Mo pe ọ̀gá láti Kútọ̀ kí aago 11 tó lù. Mo kí wọn dáadáa, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n bi mí bí òjò ṣe rọ̀ tó, wọ́n sì ní kí n máa kọ irú ẹrù tí a dá dúró bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé ẹrù lálaalẹ́ kí n tó pa kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà ni ìlà kan ti wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹrù tó dúró, Kúnlé náà sì ti ń kọ tirẹ̀ sí i.