Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń se mọ́ínmọ́ín tà, ẹ yéé ṣírò èrè báyìí

Ìbàdàn ni mo ti ń se mọ́ínmọ́ín tà, lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sọ́jọ́ tí ọjà ò tà, àmọ́ nígbà tí lánlọ́ọ̀dù dé fún owó ṣọ́ọ̀bù, ṣe ni mo lọ yáwó. Àṣìṣe mi ò ju ẹyọ kan lọ, mo máa ń yọ owó tí mo fi ra ọjà kúrò nínú owó tí mo pa, èyí tó bá ṣẹ́kù ni mo ń pè ní èrè. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, oríṣi owó méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń bá ọjà rìn: ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, òróró, ẹyin, ewé, gáàsì, ọ̀rá. Tẹ́ ò bá se, ẹ ò ná an. Èkejì dúró sójú kan, ẹ tà o, ẹ ò tà o, oṣù á parí ẹ á san án. Ní tèmi, owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 240,000 náírà lọ́dún, ìyẹn 20,000 lóṣù, owó ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ 45,000, iná àti owó ìdọ̀tí 10,000, mo ń tọ́jú 5,000 fún àtúnṣe ẹ̀rọ ìlọta, owó iṣẹ́ èmi fúnra mi sì jẹ́ 60,000. Gbogbo ẹ̀ 140,000.

60,000 tó gbẹ̀yìn yẹn lẹ máa ń gbàgbé. Ẹ má fò ó o. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ó máa dà bíi pé òwò ń jèrè, nígbà tó jẹ́ pé òógùn yín lẹ fi ń bọ́ ọ.

Àṣìṣe kejì ni pé à ń ṣírò iye tá a sè dípò iye tá a tà. Ẹyọ kan ń ná mi ní 350 náírà láti sè. Àmọ́ nínú 100 tí mo bá sè, 8 lè ṣẹ́kù, a ó jẹ díẹ̀, díẹ̀ á kan, a ó fún aládùúgbò ní ìyókù, owó 8 yẹn kò lọ ibì kankan, orí 92 tó tà ló máa bọ́ sí. 35,000 tá a bá pín in sí 92, ó ń lọ bíi 380. Torí náà tí mo bá tà á ní 500, kì í ṣe 150 ló kù sí mi lọ́wọ́, 120 ni. 120 yìí ló máa kó 140,000 jọ díẹ̀díẹ̀, ó sì máa gbà tó ẹyọ 1,167 lóṣù kí n tó kúrò nínú gbèsè. Tí mo bá ń tà fún ọjọ́ 26, ìyẹn 45 lójúmọ́, ẹyọ kẹrìndínláàádọ́ta ni èrè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó wá le jù rèé, ká máa já owó ọjà wálẹ̀ torí pé ẹni tó wà lódìkejì títì ń tà á ní 450. Kẹ́ ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ tébù kékeré sínú Excel tàbí Google Sheets lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ fi iye tẹ́ ẹ fẹ́ tà á sí A2, kẹ́ ẹ fi iye tí ẹyọ kan tó tà ń ná yín sí B2, bíi 380 tèmi yẹn, kẹ́ ẹ wá kọ èyí sí C2, àmọ́ kẹ́ ẹ fi owó tó dúró sójú kan tiyín rọ́pò 140000 tèmi:

```
=ROUNDUP(140000/(A2-B2),0)
```

Iye ẹyọ tí mo gbọ́dọ̀ tà lóṣù kí owó tó kájú nìyí:

| Mo tà á ní | Ó ná mi ní 380 | Ó ná mi ní 400 | Ó ná mi ní 420 |
|---|---|---|---|
| 450 | 2,000 | 2,800 | 4,667 |
| 500 | 1,167 | 1,400 | 1,750 |
| 550 | 824 | 934 | 1,077 |

Ṣẹ́ ẹ rí i? 50 náírà péré tí mo bá já wálẹ̀, mo ti gbọ́dọ̀ tà 2,000. Ìkòkò tí mo ní ò lè sè ju 60 lójúmọ́, ìyẹn 1,560 lóṣù, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é tí 2,000 á fi jáde. Bákan náà, tí owó kóńgò ẹ̀wà bá lọ sókè, tí ẹyọ kan wá di 420, tí mo ṣì dúró lórí 500, 1,750 ni tébù ń béèrè, èmi náà ò lè sè é, àfi kí n ra ìkòkò míì kí n sì gba ọmọ kejì, ẹrù owó tó dúró yẹn náà á sì pọ̀ ju 140,000 lọ, tébù yẹn á yí padà pátápátá. Ẹ̀wà sì máa ń wọ́n kí tuntun tó dé láti òkè Ọya, torí náà kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣírò lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀.

Èmi gbé e sí 550. Ẹ̀rù bà mí, àwọn kan sì lọ lóòótọ́, mo ti ń tà 45 lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ó wálẹ̀ sí 38. Àmọ́ 38 lọ́nà 26 jẹ́ 988, 170 ló kù lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 167,960, tí mo bá yọ 140,000, ó ku 27,960 lẹ́yìn tí mo ti san owó iṣẹ́ tèmi. Nígbà tí mo ń tà 45, 400 náírà ni ì bá ṣẹ́kù lóṣù.