Ẹ má fi àwọ̀ ìtọ̀ tan ara yín jẹ: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí àtẹ àwọ̀ ìtọ̀

Àtẹ kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìtọ̀ níbi eré ìdárayá àti níbi iṣẹ́, tí àwọn èèyàn sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Wáásáàpù. Àwọ̀ mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀, láti orí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi títí dé orí èyí tó ṣú gan-an. Lawrence Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kònẹ́tíkọ́tì ní Amẹ́ríkà ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1994, láti fi mọ̀ bóyá omi tó lára àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá. Bí ìtọ̀ bá wà láàárín 1 sí 3, omi tó lára. Bó bá ti di 7 tàbí 8, omi ti wọ́n lára gan-an. Àtẹ náà dára. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a máa ń fi í dáhùn ìbéèrè tí wọn kò torí rẹ̀ ṣe é.

Ohun tó ń fún ìtọ̀ ní àwọ̀ ìyeyè ni uróbílìnì. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó, tí ara ń tú ká lójoojúmọ́, ló ti ń wá. Iye rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọjọ́ kan sí òmíràn. Ohun tó ń yàtọ̀ ni omi tí kíndìnrín fi là á. Bí omi bá wọ́n lára, kíndìnrín á há omi mọ́wọ́, ìtọ̀ á kéré, á sì ṣú. Bí omi bá pọ̀, ìtọ̀ á pọ̀, á sì mọ́. Nítorí náà, kíndìnrín há omi mọ́wọ́ ní wákàtí mélòó kan sẹ́yìn tàbí kò há a: ibi tí ìmọ̀ àtẹ yìí mọ nìyẹn. Kò mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀dọ̀, kò mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kò sì mọ oògùn tí ẹ lò.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà nídìí wíwò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo ìtọ̀ nínú ike ṣáláńgá olómi, níbi tí omi ti là á kí wọ́n tó rí i. Àwọn mìíràn ń wò ó lóru lábẹ́ gílóòbù tó ń tan iná pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí kí wọ́n fi wé àwòrán orí fóònù tí wọ́n ti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹ tọ̀ sínú ife tó mọ́ gaara, ẹ gbé bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ má sì fi ìtọ̀ ìdájí ṣe ìdájọ́. Kíndìnrín ti fi gbogbo òru há omi mọ́wọ́, kò sí bí ìtọ̀ náà kò ṣe ní ṣú díẹ̀, kódà lára ẹni tó mu omi dáadáa lánàá. Ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta òwúrọ̀ ló yẹ kí ẹ wò. Bí ẹ bá lo fítámì Bí-kọ́ḿpúlẹ́ẹ̀sì, ìtọ̀ yín á di ìyeyè fòò, á máa tàn yanran fún wákàtí mélòó kan. Fítámì B2 tí ara kò nílò mọ́ ni ara ń dà nù yẹn, kì í ṣe òùngbẹ.

Àṣìṣe tó burú jù lọ ni kí àwọ̀ ìtọ̀ ṣú, kí èèyàn máa da omi sí i lójoojúmọ́, kó má sì bi ara rẹ̀ bóyá omi náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin méjì tí ìtọ̀ wọn jọra, nọ́ńbà 6 lórí àtẹ, ní ọ̀sán kan náà.

Èkínní jẹ́ bíríkìlà tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago méje àárọ̀. Omi inú ọ̀rá kan ṣoṣo, ìyẹn ìdajì líta, ló ti mu títí di aago kan. Ìtọ̀ rẹ̀ kéré, ó ń rùn tagbára. Ó jókòó síbi òjìji, ó jẹun, ó sì rọra mu omi inú ọ̀rá méjì láàárín wákàtí kan. Ìtọ̀ tó tọ̀ lẹ́yìn náà ṣì ṣú díẹ̀, nítorí èyí tó ti wà nínú àpò ìtọ̀ tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí aago márùn-ún fi máa lù, ó ti di nọ́ńbà 3, ó sì pọ̀. Òùngbẹ ló ń ṣe ọkùnrin yìí, omi sì ti parí ọ̀rọ̀ náà.

Èkejì jẹ́ mẹ́káníìkì. Òun náà mu omi, kódà ó mu ju ti bíríkìlà lọ. Ó ń tọ̀ dáadáa, ìtọ̀ rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ àwọ̀ náà kò kúrò níbi tó wà: ó dà bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Ní ọjọ́ kejì, bákan náà ni. Bí ó bá mi ìgò tó tọ̀ sí, fóòmù tó yọ lókè kò funfun, ìyeyè ni. Oúnjẹ kò wù ú jẹ, ara ń yún un, ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Nígbà tó dúró sójú oòrùn tí ìyàwó rẹ̀ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, funfun ẹyinjú rẹ̀ ti di ìyeyè. Ohun tó wà nínú ìtọ̀ yìí kì í ṣe uróbílìnì. Bílírúbìnì ni. Ohun tó yẹ kó bá òróòro gba inú ìfun jáde ló yà sínú ẹ̀jẹ̀, tí kíndìnrín sì ń dà á nù, yálà nítorí pé àrùn ti mú ẹ̀dọ̀, bíi hẹpatáítììsì, tàbí nítorí pé nǹkan dí ojú ọ̀nà òróòro. Nítorí pé òróòro kò dé inú ìfun ni ìgbẹ́ kò fi ní àwọ̀ mọ́. Òun ni àwọn àgbà ń pè ní ibà pọ́njú. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn kan ti máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, mu àgbo àti omi pé ibà náà á bá ìtọ̀ jáde, nígbà tí àrùn ẹ̀dọ̀ ń le sí i, tí àgbo mìíràn sì ń dá kún ìyà ẹ̀dọ̀ ọ̀hún.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni pé àwọ̀ òùngbẹ máa ń gbọ́ràn sí omi lẹ́nu láàárín wákàtí mélòó kan. Bí ẹ bá mu omi dáadáa, tí ìtọ̀ pọ̀ sí i, tí àwọ̀ kò sì mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ẹ pa àtẹ tì, kí ẹ lọ rí dókítà.

Àwọn kan tún wà tí ìtọ̀ wọn máa ń mọ́ nígbà tí omi ti tán lára wọn. Mo fẹ́ kí àwọn òbí tó ní ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde fetí sí èyí dáadáa. Láti kékeré ni àrùn yìí ti máa ń ba agbára kíndìnrín láti há omi mọ́wọ́ jẹ́. Ọmọ náà á máa tọ̀ púpọ̀, á máa tọ̀ sílé lóru, ìtọ̀ rẹ̀ á sì mọ́, bẹ́ẹ̀ omi ti ń tán lára rẹ̀ tí ìrora egungun sì lè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń dúró de kí ìtọ̀ rẹ̀ ṣú kí ẹ tó fún un lómi, ẹ ó pẹ́ jù. Ẹ máa fún un lómi déédéé, pàápàá nígbà ooru, ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru, láìka ohun tí àtẹ bá wí sí. Bákan náà lọ́rọ̀ rí fún ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ kò sí lábẹ́ àkóso: ṣúgà ló ń fa omi jáde, ìtọ̀ á mọ́, òùngbẹ á sì máa gbẹ onítọ̀hún ṣáá.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lé ìtọ̀ tó mọ́ bí omi òjò kiri. Ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ tó. Kíndìnrín àgbàlagbà kò lè yọ púpọ̀ ju líta kan lọ láàárín wákàtí kan, ẹni tó bá sì ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí bíi mélòó kan lè fi omi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi tí orí á máa fọ́ ọ, tí á máa bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì dàrú. Ẹni tí dókítà ti díwọ̀n omi fún nítorí àrùn ọkàn tàbí kíndìnrín kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé àtẹ kankan.

Pupa, àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ Kóòkì kò sí lára ohun tí òùngbẹ ń fà. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife mọ̀ pé rifampísìnì máa ń sọ ìtọ̀, òógùn, àti omijé pàápàá, di àwọ̀ ọsàn. Èyí kò léwu. Ohun tó léwu ni kí ẹ̀rù bà á kó sì pa oògùn náà tì. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá dúdú bíi Kóòkì lẹ́yìn tí èèyàn lo oògùn tó ní súlífà tàbí oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní prímákúìnì, tàbí tí ọmọ jòjòló wọ aṣọ tí wọ́n fi káńfọ̀ pa mọ́, ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bẹ́, pàápàá bí ara rẹ̀ kò bá ní ènsáìmù G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, tó. Àìtó ènsáìmù yìí kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa. Ilé ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn gan-an ni. Bákan náà ni fún ẹni tó ṣe eré ìdárayá àṣejù tí iṣan rẹ̀ wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì di àwọ̀ Kóòkì: ohun tó ń jáde látinú iṣan lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ní àwọn abúlé tó yí ìdídò omi Ọ̀yàn ká ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti níbikíbi tí àwọn ọmọ ti ń wẹ̀ nínú odò tí ìgbín omi wà, ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ níparí ìtọ̀ ni kí ẹ máa wò fún. Àtọ̀sí ajá nìyẹn. Ìtọ̀ á bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ̀kán ìkẹyìn á sì pupa. Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọkùnrin náà ń dàgbà ni. Kòkòrò ló ń gbé nínú òpójẹ̀ tó wà nídìí àpò ìtọ̀ rẹ̀. Omi mímu kò lè wò ó, prasikuántẹ̀lì ló ń wò ó.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé ìwòsàn, ẹ kó gbogbo oògùn, fítámì àti àgbo tí ẹ ti lò dání, kí ẹ sì sọ ìgbà tí àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ àti bóyá omi mú un mọ́. Ẹ má mu omi púpọ̀ láti jẹ́ kí ó mọ́ kí ẹ tó débẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń wá, wọ́n á fẹ́ ìtọ̀ tí ọmọ náà tọ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, torí ìgbà yẹn ni ẹyin kòkòrò náà máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀, wọ́n á sì fẹ́ kí ẹ̀kán ìkẹyìn wà nínú ìgò náà.